Àwòrán ewé àgbàdo kan láti oko Kétu

Fótò náà kò dára tó. Oòrùn ti mú apá kan rẹ̀ funfun jù, ìka obìnrin tí ó di ewé náà mú sì bo apá kejì. Síbẹ̀, ohun tí ó hàn níbẹ̀ tó láti dẹ́rù ba àgbẹ̀. Ewé àgbàdo náà ti ya jákujàku, ihò kún ara rẹ̀, ohun kan tí ó dà bí ìyẹ̀rẹ̀ igi sì kó jọ sí ibi tí àwọn ewé ti pàdé.

Ọmọ obìnrin náà ni ó fi telefóònù ya á ní oko wọn ní ẹ̀bá Kétu, tí ó sì fi í ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn kan. Àgbàdo náà ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì tíì ga ju orúnkún lọ. Òun ni ilé wọn yóò máa jẹ títí ìkórè mìíràn yóò fi dé. Ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà ti sọ fún ìyá náà pé òògùn òwú ṣẹ́ kù lọ́wọ́ òun, kí ó wá mú un, kí ó sì san owó rẹ̀ nígbà ìkórè.

Òṣìṣẹ́ náà kò dárúkọ òògùn kankan. Ohun tí ó sọ ni pé: “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gba òògùn yẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ya fótò méjì sí i fún mi. Kí ó ya inú ọkàn àgbàdo, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ. Lẹ́yìn náà, kí ó wá kòkòrò náà rí, kí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ owó wẹ́wẹ́ kan, kí ó sì ya orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀.”

Ó ní ìdí tí ó fi béèrè bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe kòkòrò kan ṣoṣo ni ó ń jẹ ewé àgbàdo. Tata máa ń jẹ ewé láti etí wọ inú, kì í sì í fi ìyẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkàn àgbàdo. Kòkòrò tí ń gbé inú pòròpóro máa ń lu ihò wẹ́wẹ́ tí ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lára ewé, bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ni a fi gún un. Nígbà tí ó bá ti wọ inú igi àgbàdo, ewé àárín yóò rọ, bí a bá sì fà á, yóò yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tí a ó ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò dọ́gba.

Fótò kejì àti ìkẹta dé ní ìrọ̀lẹ́. Kòkòrò náà rí bí ilẹ̀ pupa, kò sì gùn tó ìdajì ìka. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní iwájú orí rẹ̀, ó dà bí igi oníhà méjì tí a dorí rẹ̀ kodò. Ní ẹ̀bá ìdí rẹ̀, àmì dúdú mẹ́rin tò bí igun mẹ́rin àpótí. Ẹni tí ó bá rí àmì méjèèjì yìí lára kòkòrò kan náà ti mọ ohun tí ó ń bá jà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kòkòrò yìí ti wá. Ní ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Áfíríkà. Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rí i ṣáájú. Abájọ tí àwọn àgbà kò fi ní ìmọ̀ àtijọ́ kankan tí wọ́n lè fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ nípa rẹ̀.

Àfòpiná ni ìyá kòkòrò náà. Òru ni ó máa ń yé ẹyin sára ewé, ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì fi irun ara rẹ̀ bò wọ́n, tí wọn yóò dà bí ìbu tí ó hu sí ara ewé. Láàárín bí ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ọmọ yóò jáde. Wọ́n kéré, wọn kò lè jẹ ewé jákè. Wọ́n kàn ń họ ojú rẹ̀, tí yóò sì funfun bí ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Nígbà tí wọ́n bá dàgbà díẹ̀, wọn yóò wọ inú ọkàn àgbàdo, wọn yóò sì fi ìgbẹ́ ara wọn dí ẹnu ọ̀nà. Ìgbẹ́ yẹn ni ó dà bí ìyẹ̀rẹ̀ igi nínú fótò àkọ́kọ́. Àwọn ńlá a máa pa àwọn kékeré jẹ, nítorí náà ọ̀kan tàbí méjì péré ni a sábà ń bá nínú ọkàn kan. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kòkòrò náà yóò bọ́ sílẹ̀, yóò sì wọ inú iyẹ̀pẹ̀ láti di àfòpiná.

Ibí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń ṣìnà. Ihò tí ó bá wà lára ewé kò ní dí mọ́ láé. Kòkòrò lè ti bọ́ sílẹ̀ lọ ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, kí ewé rẹ̀ sì ṣì máa fẹ́ jákujàku nínú afẹ́fẹ́, kí àgbẹ̀ sì máa ná owó sórí ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ewé tuntun ni ó yẹ kí a wò. Bí ìgbẹ́ inú ọkàn bá ṣì tutù, tí ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sì ní ihò, kòkòrò wà níbẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá ti gbẹ, tí ewé tuntun sì ń jáde láìní àbààwọ́n, ó ti lọ.

Òṣìṣẹ́ náà wá sọ fún ìyá àti ọmọ pé kí wọ́n ka àgbàdo wọn. Kí wọ́n má dúró sí etí oko nìkan. Kí wọ́n rìn wọ́gọwọ̀gọ láti ìkángun kan dé èkejì, kí wọ́n dúró ní ibi márùn-ún, kí wọ́n sì wo ọkàn 20 àgbàdo ní ibi kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ 100. Èyí tí ó ní ìpalára tuntun nìkan ni kí wọ́n kà.

Ní ibi àkọ́kọ́, wọ́n rí 3. Ní ibi kejì, 5. Ní ibi kẹta, 1 péré. Ní ibi kẹrin, 6, àti ní ibi karùn-ún, 2. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 17 nínú 100. Fún àgbàdo tí kò tíì ga ju orúnkún lọ, 20 nínú 100 ni ààlà tí a fi ń ronú kan òògùn. Bí ó bá ti ga jù bẹ́ẹ̀, tí kò sì tíì yọ òdòdó, ààlà náà di 40, nítorí pé àgbàdo ńlá lè pàdánù ewé púpọ̀ kí ó sì tún so dáadáa. Nígbà tí ó bá ti yọ òdòdó, fífọ́n òògùn kò wúlò mọ́: kòkòrò ti wọ inú ọmọ àgbàdo, ibi tí omi òògùn kò lè dé.

17 kò tó 20. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí kòkòrò máa ń jáde wá jẹun, wọ́n ń tẹ̀lé ọwọ́ọ̀wọ́ àgbàdo, wọ́n ń mú kòkòrò, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ pa. Wọ́n ń wo abẹ́ ewé, wọ́n sì ń fi ìka fọ́ ẹyin tí irun bò. Níbi tí ìgbẹ́ tutù bá wà tí wọn kò sì rí kòkòrò mú, wọ́n ń ju ìwọ̀n ìka mẹ́ta iyanrìn tí a pò mọ́ eérú sínú ọkàn náà. Èyí ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí àwọn kékeré ju àwọn ńlá lọ.

Ní ti òògùn òwú, òṣìṣẹ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ìwọ̀n tí a kọ sára ìgò rẹ̀ kì í ṣe fún ohun jíjẹ, iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó kórè kò sì sí níbẹ̀ fún àgbàdo. Ó tún ń pa èèrà àti agbọ́n tí ń bá àgbẹ̀ jẹ ẹyin àti ọmọ kòkòrò náà. Ó ní bí iye náà bá kọjá 20, kí wọ́n wá béèrè òògùn tí ìjọba gbà láàyè fún àgbàdo, kí wọ́n fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí kòkòrò ṣì kéré, kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ọkàn àgbàdo, kí wọ́n sì bo imú àti ọwọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n tún ka 100. 9 ni ó ní ìpalára tuntun. Ìyá náà kò gba òògùn aládùúgbò rẹ̀, ó sì ní kí ọmọ máa kà á lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí àgbàdo yóò fi yọ òdòdó.