Ìjàpá Dọ̀bálẹ̀, Apá Rẹ̀ Kò Gún

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn tó wá sí ìpàdé wa tó kọjá yóò rántí pé a ṣe ìlérí fíìmù kékeré kan fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ inú ẹgbẹ́, nínú èyí tí Ìjàpá yóò ti lọ kí ọba. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi jà pẹ̀lú apá Ìjàpá. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi í han àwọn àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ òfin wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọba ni Ìjàpá yìí ń kí ni, àbí ó fẹ́ bá a jà?" Ó dùn wá díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọmọ tí a bí sí ìlú òyìnbó, tó jẹ́ pé bàbá rẹ̀ nìkan ló rí tó ń dọ̀bálẹ̀, a kò lè fi ìdọ̀bálẹ̀ ìwọ̀sí kọ́ ọ. Àwọn kan ti bi wá léèrè bí a ṣe tún un ṣe. Àlàyé rẹ̀ rèé.

A kò ní owó tí a lè fi gba òṣèré kí ó wọ aṣọ tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ìrìn ènìyàn. Mixamo ni a lọ, ibi tí Adobe, tó rà á ní ọdún 2015, ti ń fi kílíìpù tọrẹ. Kílíìpù ni a ń pe ìṣesí kan tí a ti gbà sílẹ̀ tán: rírìn, jíjókòó, ijó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A kò rí ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà a mú èyí tí ọkùnrin kan ti na gbalaja, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè tó tún ń sọ ọ́ kalẹ̀, irú èyí tí àwọn ṣọ́jà máa ń ṣe ní pápá. Bí àyà rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ nìyẹn. Bó bá ti ara rẹ̀ dìde, ọba ti dá a lóhùn. Inú Unity ni a ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, nítorí láti ẹ̀dà kẹrin rẹ̀, tó jáde ní 2012, ó lè gbé ìrìn ara kan wọ ara mìíràn.

Ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú kílíìpù gan-an. Ara tí a ń rí nínú fíìmù, a fi kọ́ sórí egungun ni, egungun náà sì so mọ́ra wọn ní oríkèé. Kílíìpù kì í sọ pé "ọwọ́ wà níbí." Ohun tó ń sọ ni pé "èjìká yí tó báyìí, ìgbọ̀nwọ́ ká tó báyìí." Yíyí kò ní gígùn nínú, ìdí nìyẹn tí a fi lè gba ìrìn ọkùnrin gíga kí a fi fún Ìjàpá kúkúrú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa lọ bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n kò sí yíyí tí kò ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ní kí ìgbọ̀nwọ́ ká ní dìgírì 30, láti ibo? Láti ìdúró tí a kọ́kọ́ gbẹ́ ara náà sí ni. Ibẹ̀ ni wàhálà wa àkọ́kọ́ ti wá.

Ọkùnrin inú kílíìpù dúró bí lẹ́tà T: apá rẹ̀ méjèèjì nà gbọnrangandan sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ya Ìjàpá fún wa ní tirẹ̀ yà á bí ẹni tó ń sinmi, apá sọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ sì ká ní dìgírì 20. Ó rẹwà lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí kílíìpù bá sọ fún ìgbọ̀nwọ́ pé "má ṣe ká rárá," Ìjàpá á dúró sórí 20 tirẹ̀. Bó bá sì sọ pé ká ní 30, ó di 50. Nígbà tó ń rìn lọ sí ààfin, ńṣe ló ń káwọ́ síwájú bí ẹni tó fi iṣu pamọ́ sábẹ́ abíyá. (Ẹnìkan nínú wa ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé Ìjàpá ṣáà ni.)

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú àrùn yìí ló ń ṣe tiyín, ẹ wá kílíìpù tí ara ti dúró bí T láìmira, kí ẹ fi sí i lára. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá ká níbẹ̀, ìdúró ìbẹ̀rẹ̀ ló bàjẹ́, àṣìṣe náà yóò sì wà bákan náà nínú gbogbo kílíìpù, ní gbogbo ìgbà. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Nínú Unity, ẹ ṣí Configure Avatar, ẹ lọ sí Pose, ẹ tẹ Enforce T-Pose, kí ẹ wo ìgbọ̀nwọ́ láti òkè àti láti iwájú bóyá ó gún lóòótọ́, kí ẹ tó tẹ Apply. Ojúlówó àwòrán Ìjàpá kò yí padà. Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà nìkan ni a sún. Ìkìlọ̀ ti hàn sí wa lójú ìwé náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ara yìí kò dúró bí T, àwa la kò kà á sí.

Apá kan fíìmù náà kò gba irú àtúnṣe yìí. Ọ̀kan nínú wa ti sọ ìrìn ojú ọ̀nà di kílíìpù lásán fún egungun Ìjàpá, ó sì ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Àbùkù náà ti wọ inú rẹ̀. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé dìgírì 20 kan náà ni níbi gbogbo, a yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn tí kílíìpù bá ti ṣe tirẹ̀ tán nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan:

```csharp
void LateUpdate() {
    elbow.localRotation *= Quaternion.AngleAxis(-20f, hinge);
}
```

Ìlà tí ìgbọ̀nwọ́ ń ká lé lórí ni `hinge`. Egungun kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí i wò kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ yọ 20 náà, ẹ má ṣe dín kíká kù ní ìdajì tàbí ìdáméjì nínú mẹ́ta, torí apá tó yẹ kó ká dáadáa yóò gún ju bó ti yẹ lọ. Ẹ sì ṣọ́ra fún ohun kan tó dẹ́rù bà wá lóru ọjọ́ kan: nígbà tí Ìjàpá kúrò lójú kámẹ́rà tó sì padà wá, apá rẹ̀ ń yí bí abẹ̀bẹ̀. Unity máa ń dá kílíìpù dúró fún ẹni tí a kò rí, ṣùgbọ́n àṣẹ tiwa kò dúró. Ó ń yọ 20 lé 20. A yí Culling Mode sí Always Animate, ó sì tán.

Lẹ́yìn èyí, Ìjàpá rìn dáadáa dé iwájú ọba. Ó dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dìde, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì rì sínú ilẹ̀ ààfin.

Ọ̀rọ̀ gígùn ló dé yìí. Michael Gleicher ti kọ̀wé lé e lórí ní 1998, pé nígbà tí a bá ń gbé ìrìn wọ ara tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀, ibi tí ara ti fọwọ́ kan nǹkan ni a gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ìbàdí ọkùnrin inú kílíìpù ga ní sẹ̀ǹtímítà 100, ti Ìjàpá ga ní 50. Nítorí náà Unity gé gbogbo gíga ara sí ìdajì, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Apá ọkùnrin náà jẹ́ 30 láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́ àti 26 láti ibẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, àpapọ̀ 56. Ìdajì rẹ̀ ni 28. Ṣùgbọ́n apá Ìjàpá jẹ́ 18 àti 16, èyí tí í ṣe 34. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kúrú, apá rẹ̀ kò kúrú tó bẹ́ẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 6 tó ṣẹ́kù ló wọ inú ilẹ̀.

A ní kò burú. A ṣí IK Pass, a sì pàṣẹ pé kí ọrùn ọwọ́ dúró sí ibì kan lórí ilẹ̀, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣírò bí èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ yóò ṣe yí. Ọwọ́ kúrò nínú ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ ká kóṣókóṣó. Èyí gan-an ni ẹ̀gbọ́n wa rí tí wọ́n fi béèrè ìjà.

A mú bébà, a ṣírò onígun mẹ́ta. Nígbà tí ọkùnrin náà bá ti ara rẹ̀ dé òkè pátápátá, èjìká rẹ̀ jìnnà sí ọrùn ọwọ́ ní 55 nínú 56. Lójú, apá náà gún. Ṣùgbọ́n ìṣirò sọ pé ìgbọ̀nwọ́ ti ká ní dìgírì 22, nítorí sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo tó dín! Ohun tó yà wá lẹ́nu jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyí: bí apá bá ti ń súnmọ́ gígún, àṣìṣe kékeré nínú jíjìn á di kíká ńlá ní ìgbọ̀nwọ́. Fún Ìjàpá, ìdajì 55 ni 27.5. Apá tó gùn ní 34 tí a fi há àyè 27.5 yóò ká ní dìgírì 72. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ṣì í ṣe. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí apá náà lè gbà wọ ibẹ̀.

Ìyàtọ̀ àrùn kejì yìí sí ti àkọ́kọ́ ni pé kì í hàn nínú ìrìn, kì í sì í dúró sójú kan. Ó máa ń pọ̀, ó máa ń dín, bí ọwọ́ bá ṣe súnmọ́ ilẹ̀ tàbí tí ara bá ṣe ga. Nítorí náà ẹni tó bá yọ dìgírì 72 kúrò ní ìgbọ̀nwọ́, bí a ti yọ 20, yóò tún ti ọwọ́ wọ inú ilẹ̀ padà. Ara ni a gbọ́dọ̀ gbé sókè.

Kí apá Ìjàpá lè gún bíi ti ọkùnrin náà, èjìká rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọrùn ọwọ́ ní bíi 33.4, èyí tó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 6 ju 27.5 lọ. Láti ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dé èjìká tó bíi 72, nítorí náà bí a bá yí gbogbo ara rẹ̀ lórí ìka ẹsẹ̀ ní dìgírì 5 péré, èjìká yóò ga tó bẹ́ẹ̀, ìbàdí yóò sì ga ní 4. Nínú `OnAnimatorIK`, `bodyPosition` àti `bodyRotation` ni a fi ṣe é. Ṣùgbọ́n a kò gbé e ní gbogbo ìgbà, nítorí nígbà tó bá wà nílẹ̀, àyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀. A fa ìlà kan sínú kílíìpù náà ní Curves, tó jẹ́ 0 nígbà tí àyà bá kanlẹ̀ tó sì ń gòkè dé 1 bí apá bá ṣe ń gún, a sì fi sọ iye ìgbéga náà di púpọ̀.

Ó ku ohun kékeré méjì. Ọrùn ọwọ́ ni IK ń gbé, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, nítorí náà a fi ibi tó ń lọ sókè ilẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n bí ọwọ́ ti nípọn tó. Ìgbọ̀nwọ́ òsì sì máa ń ṣàdédé kọjú sínú nígbà mìíràn, títí a fi fi `SetIKHintPosition` sọ ibi tó yẹ kó máa wò fún un.

Ní alẹ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, a tún fi fíìmù náà han ẹ̀gbọ́n wa. Wọ́n wò ó dé ibi tí Ìjàpá ti dìde, wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n pé fìlà ọba ni kò jókòó dáadáa.