Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì Kan Láàárín Sílíkọ́ọ̀nù Mílíọ̀nù Márùn-ún

Bí átọ́ọ̀mù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bá wà láàárín átọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 5, iná mànàmáná á máa gba inú sílíkọ́ọ̀nù náà kọjá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 400,000. Bàbà ò ní mọ irú àbùlà bẹ́ẹ̀ lára. Kí ló mú sílíkọ́ọ̀nù yàtọ̀?

Ẹ̀lẹ́kítíróònù mẹ́rin ni átọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan fi ń di aládùúgbò rẹ̀ mẹ́rin mú. Ìpele agbára ìsàlẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí wà, ó sì kún bámúbámú bí ọjà tí èrò há mọ́ra débi tí ẹnikẹ́ni ò lè gbẹ́sẹ̀. Bátìrì lè máa tì wọ́n, wọn ò ríbi lọ. Ìpele mìíràn wà lókè tó ṣófo, tí àyè ìrìn pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo ló wà láàárín méjèèjì, ẹ̀lẹ́kítíróònù sílíkọ́ọ̀nù ò sì lè dúró nínú rẹ̀. Àfi kó fò ó lẹ́ẹ̀kan.

Ooru ló ń gbé wọn fò. Àmọ́ agbára tí àlàfo yìí ń béèrè tó ìlọ́po 40 èyí tí ooru inú yàrá sábà ń fún wọn, nítorí náà àwọn tó ń sọdá kò pọ̀ rárá: ẹyọ kan fún átọ́ọ̀mù bíi tírílíọ̀nù 5.

Ẹ̀lẹ́kítíróònù márùn-ún ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ní. Mẹ́rin ń di aládùúgbò mú, ìkarùn-ún ò níṣẹ́. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì fún un ní àyè tirẹ̀ nínú àlàfo náà, lẹ́bàá òkè gan-an. Ohun tó kù kó gùn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 25 àlàfo lọ. Ooru yàrá tó o ṣe. Báyìí, ẹ̀lẹ́kítíróònù tó ń rìn di ẹyọ kan fún mílíọ̀nù 5 dípò tírílíọ̀nù 5. Ti bàbà yàtọ̀, nítorí átọ́ọ̀mù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní ẹ̀lẹ́kítíróònù bíi kan tó ń rìn. Kí ni ẹyọ kan láàárín mílíọ̀nù 5 fẹ́ fi kún un?

Bórọ́ọ̀nù ní mẹ́ta péré. Òun ń fi àyè òfìfo kan sílẹ̀ ní ìpele ìsàlẹ̀. Ẹni tó wà nítòsí á bọ́ síbẹ̀, àyè tirẹ̀ náà á ṣófo, òfìfo yẹn á sì máa rìn kiri.

Ní 1940, Russell Ohl ti ilé ìwádìí Bẹ́ẹ̀lì ní Niu Jẹ́sì tan iná sára sílíkọ́ọ̀nù kan, ó sì rí i pé iná mànàmáná jáde lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn elégbẹ́ rẹ̀ wá mọ̀ pé irú àbùlà tó wà ní apá kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Òórùn tó jáde nígbà tí wọ́n ń gé apá kan ló fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì hàn, bẹ́ẹ̀ ló kéré débi pé ohun èlò àyẹ̀wò wọn ò rí i.

Ooru tún lè ba iṣẹ́ àbùlà yìí jẹ́. Bí sílíkọ́ọ̀nù tí a sọ níbẹ̀rẹ̀ bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 350 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, àwọn tó ń fo àlàfo látìsàlẹ̀ á pọ̀ tó èyí tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú wá. Bó bá tún gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, á máa ṣe bí ẹni pé kò sí àbùlà kankan nínú rẹ̀.