Àṣẹ́kù mẹ́ta, nọ́ńbà kan: bí ìṣirò àtijọ́ láti Ṣáínà ṣe dé inú kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà

Ìwé ìṣirò kan wà láti Ṣáínà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Sunzi Suanjing. Láàárín ọ̀rúndún kẹta sí ìkarùn-ún lẹ́yìn ìbí Kristi ni àwọn onímọ̀ fi kíkọ rẹ̀ sí, Sunzi tó sì kọ ọ́ kì í ṣe Sunzi tó kọ ìwé lórí ogun jíjà. Ìbéèrè kan wà nínú apá kẹta ìwé náà. Àwọn nǹkan kan wà tí a kò mọ iye wọn. Bí a bá kà wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó ku méjì. Bí a bá kà wọ́n ní márùn-ún-márùn-ún, ó ku mẹ́ta. Bí a bá kà wọ́n ní méje-méje, ó ku méjì. Mélòó ni wọ́n?

Ìdáhùn ìwé náà ni 23. Ó tún sọ bí a ṣe ń dé ibẹ̀: fi 70 sọ àṣẹ́kù àkọ́kọ́ di púpọ̀, fi 21 sọ ìkejì, fi 15 sọ ìkẹta, ro gbogbo wọn pọ̀, kí o sì máa yọ 105 kúrò títí kò fi ní ṣeé yọ mọ́. 140, 63 àti 30 jẹ́ 233. Yọ 105 lẹ́ẹ̀mejì, ó ku 23.

Sunzi kò sọ ibi tí 70 ti wá. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò yóò rí i pé 5 àti 7 pín 70 láìṣẹ́kù, ṣùgbọ́n bí a bá fi 3 pín in, ó ku 1. Báyìí náà ni 21 ṣe ń ku 1 lábẹ́ 5, tí 15 sì ń ku 1 lábẹ́ 7, tí wọn kì í ku ohunkóhun lábẹ́ àwọn yòókù. Kálukú wọn ń dáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo, kì í sì í da ti ẹnì kejì rú. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ bí ẹnìkan bá fi ipò kẹrin kún un, tó ní bí a bá kà wọ́n ní mọ́kànlá-mọ́kànlá ó gbọ́dọ̀ ku mẹ́rin, 70, 21 àti 15 ti di aláìwúlò nìyẹn. A ó tún wá nọ́ńbà mẹ́rin mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà tí kì í sọ iṣẹ́ àná nù, òun ni mo fẹ́ kí a tẹ̀lé níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a gbàgbé 5 àti 7 ná. Nọ́ńbà tó kéré jù tó ń ku 2 lábẹ́ 3 ni 2 fúnra rẹ̀. Bí a bá ń fi 3 kún un, àṣẹ́kù yẹn kò ní yí padà: 2, 5, 8. Lábẹ́ 5, 2 ń ku 2, 5 kò ku nǹkan kan, 8 ń ku 3. A ti rí ohun tí a ń wá: 8 ti tẹ́ ìbéèrè méjì lọ́rùn. Láti ibi yìí, 3 kọ́ ni a ó máa fi kún un mọ́, nítorí pé 3 yóò ba ti 5 jẹ́. 5 nìkan náà yóò ba ti 3 jẹ́. 15 ni a ó fi kún un, torí pé 3 àti 5 pín in. 8 ń ku 1 lábẹ́ 7, 2 ni a sì ń fẹ́. 8 àti 15 jẹ́ 23, 23 sì ń ku 2 lábẹ́ 7. Ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ ìdáhùn mìíràn, kí ó máa fi 105 kún un: 128, 233, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà ń ṣìnà ni gígùn ìṣísẹ̀ yẹn. Wọ́n á rí 8 dáadáa, wọn á wá máa fi 5 kún un: 13, 18, 23. Wọ́n dé 23 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣe-kòńgẹ́ ni. Ká ní àṣẹ́kù tí wọ́n ń wá lábẹ́ 7 jẹ́ 6 ni, 13 ni wọn ì bá dúró sí, 13 sì ń ku 1 lábẹ́ 3. Ohun tó ń tú àṣìṣe yìí fó ni pé kí a mú ìdáhùn, kí a fi gbogbo nọ́ńbà náà pín in lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè, kì í ṣe èyí tó kẹ́yìn nìkan.

Kí ló mú un dá wa lójú pé a ó kan àṣẹ́kù tí a ń wá? Ẹ wo 15 tí a ń fi kún un lábẹ́ 7. Ká sọ pé ìṣísẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láàárín méje àkọ́kọ́, fún wa ní àṣẹ́kù kan náà. Ìyàtọ̀ àárín wọn yóò jẹ́ 15 lọ́nà iye kan tí kò tó 7, 7 yóò sì pín ìyàtọ̀ náà láìṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n 7 àti 15 kò ní nọ́ńbà kankan tó ju 1 lọ tó lè pín àwọn méjèèjì, nítorí náà iye kékeré yẹn ni 7 gbọ́dọ̀ pín, kò sì lè pín in, torí pé iye náà kò tó 7. Nítorí náà, àṣẹ́kù méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìṣísẹ̀ méje ń mú wá, gbogbo wọn láti 0 dé 6, kò sí èyí tó fara pamọ́.

Bí àwọn nọ́ńbà bá ní ohun tó pa wọ́n pọ̀, ìdánilójú yìí kò sí mọ́. Ẹ wá nọ́ńbà tó ń ku 1 lábẹ́ 4, tó sì ń ku 2 lábẹ́ 6. 1, 5, 9, 13, 17, 21: lábẹ́ 6, wọ́n ń ku 1, 5, 3, 1, 5, 3. Ìgbà tí 1 bá ti padà ní ìṣísẹ̀ kẹta, nígbà tí a ṣì ń retí mẹ́fà, ó ti hàn pé 2 kò ní wá láéláé. Kò sì lè wá, nítorí pé ipò àkọ́kọ́ ń fẹ́ kí nọ́ńbà náà ku 1 lábẹ́ 2, èkejì sì ń fẹ́ kí ó má ku nǹkan kan.

Ìṣirò yìí wà nínú ọjà tiwa náà. Ọjà ìbílẹ̀ tó ń tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ Yorùbá, bí wọ́n bá ná an ní Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún ná an, ọjọ́ mẹ́rin sí i. Ọ̀sẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ ọjọ́ méje. Ká sọ pé ọ̀la ni ọjà, tí ọjọ́ mẹ́ta sí òní sì jẹ́ Ọjọ́ Àìkú. Ìgbà wo ni ọjà yóò bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú? 1, 5, 9, 13, 17: 17 ló ń ku 3 lábẹ́ 7. Ọjọ́ kẹtàdínlógún sí òní ni, lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n-méjìdínlọ́gbọ̀n.

Kàlẹ́ńdà ló jẹ́ kí àwọn ará Ṣáínà pàápàá tẹra mọ́ ọ̀ràn yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba tí ń ṣírò kàlẹ́ńdà fẹ́ mọ ìgbà àtijọ́ tí ìyípo oòrùn, ìyípo oṣù àti ìyípo ọjọ́ ọgọ́ta wọn jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò gba kí a máa tẹ ìṣísẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn nọ́ńbà náà pọ̀ jù. Ní 1247, Qin Jiushao kọ ọ̀nà rẹ̀ sínú ìwé tó ń jẹ́ Shushu Jiuzhang. Orúkọ tó fún kókó rẹ̀ ni wíwá ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ipò kẹrin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. 23 ti wà lọ́wọ́, ìṣísẹ̀ wa jẹ́ 105, a sì fẹ́ kí ó ku 4 lábẹ́ 11. 23 ń ku 1, ìyẹn ni pé 3 ló kù kí a tó dé 4. Ìṣísẹ̀ 105 kọ̀ọ̀kan ń fi 6 kún àṣẹ́kù. Mélòó ni 6 tí yóò fi 1 péré kún un? Méjì: 12 ń ku 1 lábẹ́ 11. Bí ìṣísẹ̀ méjì bá ń sún wa síwájú ní ọ̀kan, ìṣísẹ̀ mẹ́fà yóò sún wa ní mẹ́ta. 105 lọ́nà 6 jẹ́ 630, pẹ̀lú 23 ó di 653. Ẹ fi 3, 5, 7 àti 11 pín in: ó ku 2, 3, 2, 4. Kò sí ohun tí a wó nínú iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá.

Bí àwọn nọ́ńbà bá tóbi, pípín àtúnpín ni a fi ń wá ọ̀kan náà: a ó fi èyí tó kéré pín èyí tó pọ̀, a ó fi àṣẹ́kù pín èyí tó kéré, títí tí yóò fi ku 1. Àwọn ará Íńdíà ti ní irú rẹ̀ tipẹ́, nínú iṣẹ́ Aryabhata ní 499. Ní Jámánì, Carl Friedrich Gauss fi ìṣirò àṣẹ́kù lélẹ̀ létòlétò nínú ìwé Disquisitiones Arithmeticae ní 1801, pẹ̀lú àmì ≡ tí a ń lò títí dòní. Lẹ́yìn náà, ní 1959, Harvey Garner ní Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi àṣẹ́kù dípò nọ́ńbà gidi. Kíkó àwọn àṣẹ́kù náà padà di nọ́ńbà kan, ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀ bí a ṣe ṣe é yìí, ni ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń fi orúkọ Garner pè.

Ibi tó gbé wọlé tọ̀ wá ni RSA, ọ̀nà tí Rivest, Shamir àti Adleman gbé kalẹ̀ ní 1977 láti fi pa ọ̀rọ̀ mọ́ àti láti fi buwọ́ lùwé lórí kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà àṣírí méjì, p àti q, ni a sọ di púpọ̀ láti rí nọ́ńbà ńlá kan tí gbogbo ayé lè rí. Ní 1982, Quisquater àti Couvreur fi hàn pé ẹni tó ni àṣírí náà lè ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́tọ̀ lábẹ́ p, kí ó ṣe é lọ́tọ̀ lábẹ́ q, kí ó wá pa àṣẹ́kù méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ náà ń yá tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Bí m1 bá jẹ́ àṣẹ́kù lábẹ́ p, tí m2 sì jẹ́ ti abẹ́ q, ìlà méjì ni pípapọ̀ náà:

```
h = (m1 - m2) * qInv mod p
m = m2 + q * h
```

Ohun tí a ṣe pẹ̀lú 653 gan-an nìyí. m2 ni ibi tí a ti gbéra, q ni gígùn ìṣísẹ̀, h ni iye ìṣísẹ̀, qInv sì ni ọ̀kan tí Qin ní kí a wá, tí a ti wá pa mọ́ sínú kọ́kọ́rọ́. Ẹ mú p ní 11, q ní 7, àṣẹ́kù 4 lábẹ́ 11 àti 3 lábẹ́ 7. qInv jẹ́ 8, torí pé 56 ń ku 1 lábẹ́ 11. h jẹ́ 8, m sì jẹ́ 3 pẹ̀lú 56, ìyẹn 59.

Ní 1996, Boneh, DeMillo àti Lipton ní ilé-iṣẹ́ Bellcore rí ewu inú rẹ̀. Ká sọ pé iná mànàmáná ṣe ségesège, tí ẹ̀rọ kékeré inú káàdì wá ṣírò apá kan ní àṣìṣe, tó mú 5 dípò 4 lábẹ́ 11. h yóò di 5, m yóò di 38. Ẹni tó bá rí 59 tó tọ̀nà àti 38 tó ṣàṣìṣe yóò yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, yóò rí 21. Ìhà ti 7 kò ní àṣìṣe, nítorí náà 7 pín 21. Ìhà ti 11 ni àṣìṣe wà, nítorí náà 11 kò pín in. Yóò wá ohun tó pa 21 pọ̀ mọ́ 77 tí gbogbo ayé mọ̀, yóò rí 7, àṣírí ti tú. Bí p àti q bá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dígíìtì, ìṣirò olè náà kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá fi ìṣọ́ra kọ fi máa ń fi kọ́kọ́rọ́ gbangba yẹ ìdáhùn wò kó tó gbé e síta: bí kò bá bá ohun tí wọ́n fún un mu, yóò da á nù, yóò sì tún un ṣe.