Láti Ojú Ìwé sí Etí Olùgbọ́
Ní 2004, àkójọ ìwádìí tí Christian Lengeler ṣe fi hàn pé nẹ́ẹ̀tì olóògùn ń dín ikú ọmọdé kù ní nǹkan bí ìdá 17 nínú 100. Ojú lè padà ka gbólóhùn bẹ́ẹ̀; etí kò ráyè.

Torí náà, òǹkọ̀wé pódíkáàsì á fi ọmọ rọ́pò ìdá: “Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ̀rún ọmọ tó ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún kan, nǹkan bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ikú ì bá mú lọ ló máa yè.”

Kó má yọ “nǹkan bíi” o, kí ìṣirò má baà di ìlérí. Lẹ́yìn náà, kó kà á sókè. Ibi tí èémí bá ti tán, kó gé gbólóhùn náà níbẹ̀.