Ta Ni Yóò Rán Agbádá? Ìṣirò Pínpín Iṣẹ́ Nígbà Tí Iṣẹ́ àti Òṣìṣẹ́ Kò Bá Dọ́gba

Òfin kan ṣoṣo ló wà nídìí ìṣirò pínpín iṣẹ́: òṣìṣẹ́ kan, iṣẹ́ kan. Ẹni tó bá ti gba iṣẹ́ kò tún ní gba òmíràn, iṣẹ́ tí ẹnì kan bá sì ti gbà ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Ohun tí à ń wá ni ìpín tí àpapọ̀ owó rẹ̀, tàbí àpapọ̀ àkókò rẹ̀, kéré jù lọ. Àtẹ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà ìbú tirẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà òró tirẹ̀, inú àpótí tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni a sì ń kọ ohun tí iṣẹ́ náà yóò náni sí, bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ yẹn ló ṣe é.

Ká mú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan tí òṣìṣẹ́ mẹ́rin wà níbẹ̀: Àdìó, Bọ́sẹ̀, Kúnlé àti Dúpẹ́. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ló wà nílẹ̀, ìyẹn agbádá, kaba àti bùbá. Wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi rán ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyí:

| | Agbádá | Kaba | Bùbá |
|---|---|---|---|
| Àdìó | 16 | 9 | 7 |
| Bọ́sẹ̀ | 12 | 8 | 5 |
| Kúnlé | 18 | 11 | 6 |
| Dúpẹ́ | 17 | 8 | 10 |

Ọ̀nà tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé kí a wá ibi tí iye ti kéré jù, kí a mú un, kí a tún wá èyí tó tẹ̀ lé e. Wákàtí 5 tí Bọ́sẹ̀ yóò fi rán bùbá ló kéré jù, nítorí náà Bọ́sẹ̀ gba bùbá. Nínú àwọn tó kù, Dúpẹ́ ló lè rán kaba ní wákàtí 8, òun ló gbà á. Agbádá wá kù fún Àdìó, ní wákàtí 16. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 29. Ó jọ ìpín tó dára, àmọ́ kò dára tó. Bọ́sẹ̀ ti fi ọwọ́ yíyá rẹ̀ ṣòfò sórí bùbá, iṣẹ́ tí Kúnlé lè ṣe pẹ̀lú àfikún wákàtí kan péré, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó lè rán agbádá láàárín wákàtí 12.

A lè dán gbogbo ìpín wò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé 24 péré ni wọ́n níbí. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá di 10, tí iṣẹ́ náà sì di 10, ìpín tó ṣeé ṣe yóò di 3,628,800. Ọ̀nà tó gé èyí kúrú ni Harold Kuhn, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1955. Orí iṣẹ́ àwọn ará Họ́ngárì méjì, Dénes Kőnig àti Jenő Egerváry, ló gbé e kà. Èdè Họ́ngárì ni Egerváry fi kọ tirẹ̀ ní 1931, ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè ni Kuhn sì fi tú u fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pè é ní ọ̀nà Họ́ngárì. Ó pẹ́ kí àwọn ènìyàn tó wá rí i pé Carl Jacobi ará Jámánì ti rí ohun tó jọ ọ́ gan-an ṣáájú wọn. Èdè Látìnì ni ìwé rẹ̀ wà, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ sì ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọ̀nà Họ́ngárì fẹ́ kí àtẹ dọ́gba: iye ìlà ìbú gbọ́dọ̀ bá iye ìlà òró mu. Ti ṣọ́ọ̀bù yìí kò dọ́gba, nítorí pé òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni, iṣẹ́ sì jẹ́ mẹ́ta. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé kí a fi iṣẹ́ kẹrin tí kò sí kún un, kí a pè é ní iṣẹ́ òfìfo, kí a sì kọ òdo sí gbogbo àpótí rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ òfìfo bá bọ́ sí lọ́wọ́ ni yóò jókòó. Òdo ni a kọ nítorí pé ìjókòó rẹ̀ kò gba wákàtí kankan lára iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, a ó wá iye tó kéré jù, a ó sì yọ ọ́ kúrò lára gbogbo iye tó wà nínú ìlà náà. Èyí kò ba ìpín jẹ́. Bí a bá dín wákàtí 5 kù nínú bùbá fún gbogbo télọ̀, ẹnikẹ́ni tó wù kó rán an, àpapọ̀ yóò fi 5 dínkù. Ìpín tó dára jù tẹ́lẹ̀ náà ni yóò ṣì dára jù. Orí ìlà ìbú ni a sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ níbí òdo iṣẹ́ òfìfo ti wà nínú gbogbo ìlà ìbú, kò sí ohun tí a máa yọ. Nítorí náà, orí ìlà òró nìkan ni a ti ń yọ: 12 kúrò nínú agbádá, 8 kúrò nínú kaba, 5 kúrò nínú bùbá. Àpapọ̀ ohun tí a yọ jẹ́ 25. Kí òǹkàwé fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn.

| | Agbádá | Kaba | Bùbá | Òfìfo |
|---|---|---|---|---|
| Àdìó | 4 | 1 | 2 | 0 |
| Bọ́sẹ̀ | 0 | 0 | 0 | 0 |
| Kúnlé | 6 | 3 | 1 | 0 |
| Dúpẹ́ | 5 | 0 | 5 | 0 |

Ohun tí à ń wá báyìí ni òdo mẹ́rin tí méjì kò sí lórí ìlà kan náà nínú wọn. Láti mọ̀ bóyá wọ́n wà, a ó fi ìlà gbọọrọ bo gbogbo òdo, kí ìlà tí a lò sì kéré dé ibi tó lè kéré dé. Bí ó bá gba ìlà mẹ́rin, òdo mẹ́rin náà wà. Àbájáde Kőnig nìyẹn. Níbí, ìlà mẹ́ta tó: ọ̀kan bo ìlà ìbú Bọ́sẹ̀, ọ̀kan bo kaba, ọ̀kan bo òfìfo. Ìpín kò tíì jáde.

Àpótí tí ìlà kankan kò bò ku mẹ́fà: ti agbádá àti bùbá lọ́wọ́ Àdìó, Kúnlé àti Dúpẹ́. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni 1, ìyẹn bùbá lọ́wọ́ Kúnlé. A ó yọ 1 kúrò nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Níbi tí ìlà méjì ti kọjá ara wọn, ìyẹn Bọ́sẹ̀ pẹ̀lú kaba àti Bọ́sẹ̀ pẹ̀lú òfìfo, a ó fi 1 kún un. Àwọn àpótí tó kù dúró bí wọ́n ṣe wà.

| | Agbádá | Kaba | Bùbá | Òfìfo |
|---|---|---|---|---|
| Àdìó | 3 | 1 | 1 | 0 |
| Bọ́sẹ̀ | 0 | 1 | 0 | 1 |
| Kúnlé | 5 | 3 | 0 | 0 |
| Dúpẹ́ | 4 | 0 | 4 | 0 |

Agbádá ní òdo kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ Bọ́sẹ̀ ló wà, nítorí náà Bọ́sẹ̀ ni yóò rán an. Kaba ní òdo kan ṣoṣo, ti Dúpẹ́ ni. Bùbá di ti Kúnlé, Àdìó sì gba òfìfo. A padà sórí àtẹ àkọ́kọ́: 12, 8 àti 6, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 26. Wákàtí mẹ́ta ló fi dín sí ti ìpín àkọ́kọ́.

Ẹni tó jókòó ló yẹ ká wò dáadáa. Bí a bá ro wákàtí Àdìó lórí iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 32 ni. Ti Kúnlé jẹ́ 35, ti Dúpẹ́ náà 35. Ọ̀gá tó bá ní kí ẹni tó lọ́ra jù jókòó kò ní fọwọ́ kan Àdìó rárá. Àmọ́ kò sí iṣẹ́ kankan tí Àdìó ti mókè níbi tí ṣọ́ọ̀bù ti nílò rẹ̀, Kúnlé tó lọ́ra lórí agbádá sì yá lórí bùbá jù ú lọ. Iṣẹ́ òfìfo kì í wá ọ̀lẹ. Ẹni tí àìsí rẹ̀ kò ní dun iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ló ń wá.

Ìjánu wà fún àṣìṣe. Ohun tí a yọ lákọ̀ọ́kọ́ jẹ́ 25. Ìgbà tí a ṣe àtúnṣe, a lo 1, ìlà sì fi ọ̀kan dín sí mẹ́rin. 1 lọ́nà 1 jẹ́ 1, àpapọ̀ wá di 26. Bí iye yìí kò bá bá ti àtẹ àkọ́kọ́ mu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ń ṣírò gbàgbé láti fi kún un níbi tí ìlà ti kọjá ara wọn. Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ ni lílo ìlà ju iye tó yẹ lọ: ẹni náà yóò fi ìlà mẹ́rin bo ohun tí mẹ́ta tó bò, yóò rò pé iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n yóò wá òdo fún ẹnì kan, kò sì ní rí i.

Nígbà mìíràn iṣẹ́ ló máa ń pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ, ibẹ̀ sì ni òdo ti lè tan ènìyàn jẹ. Ká ní Bọ́sẹ̀ àti Dúpẹ́ nìkan ló wá síbi iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ òfìfo ni a ó fi kún un lọ́tẹ̀ yìí, gẹ́gẹ́ bí ìlà ìbú kẹta, iṣẹ́ tó bá sì bọ́ sí i lọ́wọ́ kò ní di ṣíṣe. Bí a bá kọ òdo sí gbogbo àpótí rẹ̀, ìpín tó jáde ni Bọ́sẹ̀ fún bùbá, Dúpẹ́ fún kaba, wákàtí 13. Agbádá ló kù nílẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nítorí iṣẹ́ tó gùn jù ni òfìfo máa ń fẹ́ gbà. Bí ó bá wá jẹ́ pé agbádá ọkọ ìyàwó ni, tí ìgbéyàwó sì jẹ́ Sátidé, ìdáhùn yẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Òdo tí a kọ sílẹ̀ ti sọ pé kò sí ohun tí ìdádúró máa náni, irọ́ sì ni. A ó yọ òdo náà, a ó fi nọ́ńbà ńlá bí 1,000 sí àpótí agbádá ti òṣìṣẹ́ òfìfo. Ìpín yóò yí padà: Bọ́sẹ̀ fún agbádá, Dúpẹ́ fún kaba, wákàtí 20, bùbá ni yóò dúró. Bó bá jẹ́ télọ̀ ìta ni wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ tó kù fún, ohun tí télọ̀ náà máa gbà gan-an ló yẹ kó wà nínú àpótí, àmọ́ owó ni kí gbogbo àtẹ jẹ́ nígbà náà, kì í ṣe wákàtí.

Nọ́ńbà ńlá yìí kan náà ni a ń lò fún ohun tí kò ṣeé ṣe, bí ẹni tí kò mọ agbádá rán rárá. Bí 1,000 bá wá hàn nínú àpapọ̀, kò sí ìpín tó lè tẹ́ gbogbo ẹni lọ́rùn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí Bọ́sẹ̀ bá gbà láti ṣe iṣẹ́ méjì, òṣìṣẹ́ òfìfo kò yẹ níbẹ̀ mọ́. Ìlà Bọ́sẹ̀ ni a ó kọ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé ìbejì ni. Agbádá àti bùbá di tirẹ̀, kaba di ti Dúpẹ́, iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì parí ní wákàtí 25, wákàtí 17 nínú rẹ̀ lọ́rùn ẹnì kan. Ọ̀gá ni yóò sọ bóyá ọjọ́ yóò gbà á, àtẹ kò lè sọ ọ́. Àpapọ̀ ni ìṣirò yìí ń dín kù. Kò bìkítà nípa ẹni tí yóò parí kẹ́yìn.