Ibi Tí Àṣírí Ilé-Iṣẹ́ Ti Ń Jò

Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, nígbà tí ìròyìn ń jáde lójoojúmọ́ nípa àwọn ìwé tí Edward Snowden kó jáde ní NSA, àjọ amí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Christopher Soghoian, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ACLU, pe àkíyèsí aráyé sí ohun kan lórí LinkedIn. Orúkọ ìnagijẹ àwọn ètò àṣírí àjọ náà ti wà níbẹ̀ ní gbangba. MAINWAY wà níbẹ̀, NUCLEON náà wà níbẹ̀. Ètò méjèèjì sì jẹ mọ́ ìpè tẹlifóònù. Kò sẹ́ni tó jí wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló tò wọ́n síbi tí wọ́n ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe sí.

Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ Transparency Toolkit kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó lé ní 27,000 jọ sójú kan, wọ́n pè é ní ICWatch. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ náà fọwọ́ ara wọn kọ ni wọ́n ṣà jọ.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rò pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ohun tó yẹ kí àwọn fi pamọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kó rí bẹ́ẹ̀. NSA pàápàá ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìwé ìtàn iṣẹ́ wọn wá fún àyẹ̀wò. Ẹ̀yìn orúkọ náà ni ọ̀rọ̀ wà.

Ká ní obìnrin kan ń bá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe áàpù ṣiṣẹ́ ní Yábàá. Wọ́n pè é láti sọ̀rọ̀ níbi àpérò kan, wọ́n sì ní kí ó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ nípa ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ báyìí: “Òun ni olórí àwọn mẹ́fà tó ń kọ́ áàpù ìyánilówó fún báǹkì ńlá kan ní Marina, tí yóò jáde ní oṣù kẹsàn-án.”

Kò dárúkọ báǹkì kankan, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó ni báǹkì ńlá tí olú ilé-iṣẹ́ wọn wà ní Marina? Ẹni tó bá ń bá wọn du ọjà á tètè mọ̀ ọ́n. Á tún mọ̀ pé ẹ̀yáwó ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún, á mọ oṣù tó ń bọ̀ síta, á sì mọ̀ pé òṣìṣẹ́ mẹ́fà péré ni wọ́n fi sí i. Kò sí èyí tó wúwo bí a bá mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ wọn ni ètò ọjà báǹkì náà.

Ohun tó sì ń ṣì wọ́n lọ́nà jù níbí ni pé báǹkì náà kọ́ ló gbà á síṣẹ́. Oníbàárà ọ̀gá rẹ̀ ni. Ọ̀gá rẹ̀ lè ní kó máa dárúkọ ilé-iṣẹ́ tiwọn bó ṣe wù ú, síbẹ̀ kò ní àṣẹ láti yọ̀ǹda orúkọ oníbàárà. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn irú iṣẹ́ yìí ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ oníbàárà polówó ara rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ka àdéhùn ọ̀hún fúnra rẹ̀ sí àṣírí.

Bí ìwé ìròyìn bá ti gbọ́ fìnrín-fìnrín nípa áàpù náà ńkọ́? Ìyẹn kò tú u sílẹ̀. Ohun tó jò yàtọ̀ sí ohun tí onílé gbé jáde. Ohun tí báǹkì náà bá fọwọ́ ara rẹ̀ kéde ni kó tún sọ. Fún òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ náà tún le ju àdéhùn lọ, nítorí Òfin Àṣírí Ìjọba tó ti wà láti ọdún 1962 lè fi èèyàn sẹ́wọ̀n.

Ó lè tún un kọ báyìí: “Ó ń kọ́ áàpù fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣúná. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí bí owó kò ṣe ní sọnù sójú ọ̀nà nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já.” Ó dárúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ó sì sọ ipò rẹ̀. Lójú tèmi, èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí àwọn tó wá sí àpérò á mọ ohun tó lè kọ́ wọn.

Kó tó fi ránṣẹ́, kó fi ọ̀rọ̀ náà gan-an han ọ̀gá rẹ̀ lórí ímeèlì, kó sì tọ́jú èsì. “Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wa?” kò tó, torí “bẹ́ẹ̀ ni” tí wọ́n bá fi dáhùn kò ní ààlà. Bí áàpù náà bá jáde ní oṣù kẹsàn-án, tí báǹkì sì kéde ẹni tó kọ́ ọ, ó lè padà béèrè bóyá òun lè fi orúkọ áàpù kún un. Iye èèyàn tó ń yáwó níbẹ̀ ṣì jẹ́ ti báǹkì.