Ta ló yẹ kó di kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mú?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ore lónìí, níbi tí ọkọ̀ Èkó, ti Benin àti ti Oǹdó ti ń pàdé. Ká ní ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ tí ẹ ti ń tẹ̀wé, tí ẹ sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Kọ̀ǹpútà Wíńdòòsì kan ló wà níbẹ̀, ákáńtì kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni soobu. Òun náà ni ọmọ tó ń bá yín jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ń lò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ákáńtì àkọ́kọ́ tí a bá ṣe sórí Wíńdòòsì, Administrator ni. Ọ̀gá ilé nìyẹn. Ó lè fi ètò tuntun sínú ẹ̀rọ, ó lè pa Defender tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì, ó sì lè ṣí fáìlì ẹlòmíràn. Irú kejì ni Standard user. Ó lè tẹ̀wé, ó lè lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò lè yí ohunkóhun padà nínú C:\Windows tàbí C:\Program Files.

Oníbàárà kan wá mú fláàṣì dé, ó ní kí wọ́n bá òun tẹ CV òun jáde. Fáìlì kan wà níbẹ̀ tó ní àwòrán ìwé Word, CV ni orúkọ tó hàn. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni CV.exe: ètò ni, kì í ṣe ìwé. Wíńdòòsì máa ń fi ìparí orúkọ bẹ́ẹ̀ pamọ́, àfi tí ẹ bá ní kó máa fi hàn. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ìgbà Wíńdòòsì Vista ní 2007, ètò tó bá fẹ́ agbára ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ béèrè. Bí ákáńtì soobu bá jẹ́ Administrator, Yes tàbí No nìkan ni yóò béèrè. Oníbàárà ń kánjú, ọmọ náà tẹ Yes. Ó parí. Fáírọ́ọ̀sì náà ti lè sọ fún Defender pé kó má wo òun mọ́, ó sì lè fìdí múlẹ̀ débi pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ ni yóò máa jí, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé rárá.

Bó bá jẹ́ Standard user ni, páásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá ni Wíńdòòsì yóò béèrè. Ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n, yóò pè yín. Ẹ̀yin náà á bi ara yín pé: kí ni ìwé CV fẹ́ fi páásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá ṣe? Ibẹ̀ lẹ ti mọ̀ pé ejò lọ́wọ́ nínú.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ wá cmd, ẹ yan Run as administrator, kí ẹ tẹ èyí:

```
net user oga * /add
net localgroup Administrators oga /add
```

Yóò ní kí ẹ tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Kò ní hàn bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ jáde, kí ẹ fi oga wọlé, kí ẹ rí i dájú pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fo èyí, torí bí ẹ bá gba agbára lọ́wọ́ soobu tí páásíwọ́ọ̀dù oga ò sì bá a mu, ẹ ti ti ara yín mọ́ta nìyẹn. Lẹ́yìn náà, nínú oga, ẹ tún ṣí cmd bíi ti àkọ́kọ́:

```
net localgroup Users soobu /add
net localgroup Administrators soobu /delete
net localgroup Administrators
```

Bí ìlà àkọ́kọ́ bá mú error 1378 wá, ẹ má fòyà, soobu ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ìlà ìkẹyìn yóò to orúkọ àwọn ọ̀gá: oga gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, soobu kò gbọ́dọ̀ sí. Bí ákáńtì tiyín bá ní orúkọ mìíràn, net user nìkan yóò fi í hàn yín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn gbogbo àrùn. Ohun tí soobu bá lè ṣí, fáírọ́ọ̀sì tó wọ inú soobu náà lè ṣí i: ìwé inú Documents, páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi pamọ́ sínú Chrome, fláàṣì oníbàárà. Torí náà, ẹ ṣì máa ní ẹ̀dà iṣẹ́ yín síbòmíràn, kí ẹ sì máa jẹ́ kí Wíńdòòsì ṣe àtúnṣe rẹ̀, nítorí fáírọ́ọ̀sì mìíràn máa ń gba ihò tí a ò tíì dí gun orí àga ọ̀gá. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé bí wàhálà bá dé, ó sábà máa ń dúró sínú soobu. Ẹ ó fi oga wọlé, ẹ ó fi Defender yẹ ẹ̀rọ wò, ẹ ó kó ìwé tó mọ́ jáde, ẹ ó sì pa ákáńtì kan rẹ́ dípò kí ẹ tún gbogbo Wíńdòòsì ṣe.

Ìnira díẹ̀ wà: bí ẹ bá ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni yóò wá tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ojú kọ̀ǹpútà, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ ṣọ́ọ̀bù lórí WhatsApp nítorí pé ẹ wà lọ́nà Odìgbò. Ọjọ́ tó bá ti mọ̀ ọ́n, soobu ti padà di ọ̀gá nìyẹn.